Kílò 435 tí bàbá ọlọ́dẹ ò jí: ìwé ìṣirò àgbàdo àpò 200

Inú ìwé kékeré kan tí mo fi okùn so mọ́ ilẹ̀kùn sítọ̀ ni gbogbo èyí ti wá. Eruku àgbàdo ti bo ìdajì ẹ̀, èkúté ti jẹ etí ẹ̀ kan, àmọ́ àwọn nọ́ńbà ṣì ṣeé kà. Mo ń tẹ̀ ẹ́ síbí bó ṣe wà ni, mo wá ń ṣàlàyé níbi tó bá yẹ.

20 Dìsẹ́ńbà 2023, àgbàdo wọlé

Sítọ̀ wa wà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, páànù lókè, kankéré nílẹ̀, fèrèsé mẹ́rin tá a fi nẹ́ẹ̀tì dí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ dá owó ẹ̀, Èkó ni wọ́n wà, owó tiwọn ló pọ̀ jù, èmi ni mo wà nílẹ̀. Àgbàdo tí òjò àrọ̀kúrò mú wá la rà, àpò 200, a fẹ́ gbé e dúró di Júùnù tí àgbàdo máa ń wọ́n, ká tà á fún àwọn olóko adìẹ kí tuntun tó jáde.

Lọ́dún tó ṣáájú, àpò la kàn kà nígbà tí ẹrù wọlé, a ò wọn nǹkan kan, nígbà tá a wá fẹ́ tà tí kílò ò pé, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó gbà lọ, ariwo lásán la pa. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní àpò kankan ò ní wọlé láìgun sikéèlì. A fi máákà kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan, 1 dé 200, a wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́. Àwọn alábàárù ń bínú pé mo ń fi àkókò wọn ṣòfò, mo ní kí wọ́n má bínú, mo fi owó mínírà bẹ̀ wọ́n.

Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ kílò 20,120. Mo wọn òfìfo àpò mẹ́wàá pa pọ̀, kílò 1.2, ìyẹn gíráàmù 120 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kílò 24 nínú iye yẹn jẹ́ àpò lásán. Àgbàdo tó wọlé gan-an jẹ́ kílò 20,096.

Omi inú ẹ̀ ńkọ́? Irin oníhò kan wà tí wọ́n fi ń gún àpò, tó máa ń fa àgbàdo jáde láti àárín. Mo fi gún àpò 30, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, mo pò ó pọ̀, mo fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 14.2 pásẹ́ǹtì. Ó ga díẹ̀, 13 sísàlẹ̀ ló dáa fún àgbàdo tó máa pẹ́ nínú àpò, àmọ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́, mo mọ̀ pé ó máa gbẹ sí i. Ẹni tí ò ní mítà lè da àgbàdo àti iyọ̀ tó gbẹ dáadáa sínú ìgò tó gbẹ, kó gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ẹ̀ ti kọjá nǹkan bíi 15, kó dá a padà sóòrùn. Ìyẹn ò ní fún èèyàn ní nọ́ńbà tó lè fi ṣírò, àmọ́ ó máa sọ fún un bóyá kó rà á tàbí kó má rà á.

Jánúárì 2024

Mo yan àpò 20 tí màá máa wọ̀n lóṣooṣù, torí kò sẹ́ni tó lè máa sọ àpò 200 kalẹ̀ lóṣù lóṣù. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé etí ìtò nìkan ni mo ti yàn wọ́n, torí ibẹ̀ ló rọrùn láti dé. Ní ìparí oṣù, wọ́n ti gbẹ dé 11.8, inú mi dùn, kó tó di pé mo fi irin gún àwọn tó wà láàárín, 13.1 ni tiwọn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ò dé àárín bó ṣe ń dé etí. Mo wá pààrọ̀ wọn: mẹ́jọ látàárín, mẹ́fà létí, mẹ́fà nísàlẹ̀ pátápátá.

27 Fẹ́búárì, ọjọ́ tí wàhálà bẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Èkó. Wọ́n ní ká wọn gbogbo ẹ̀ lójú àwọn. A wọ̀n ọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kílò 19,560 ló jẹ́ lẹ́yìn tá a yọ òfìfo àpò.

Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù yọ ọ́: 20,096 kúrò 19,560, kílò 536. Àpò márùn-ún ó lé díẹ̀! Wọ́n yí ojú sí bàbá ọlọ́dẹ, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ dákun, ta lẹ ta àgbàdo fún?" Bàbá ò dáhùn, wọ́n kàn ń wò mí. Ojú tì mí. Bàbá yìí ti lé ní ọdún ọgọ́ta, àwọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi láàárọ̀, tá a bá fẹ́ jẹun a jọ máa ń jẹ ni.

Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbé mítà, mo gún àpò 30 bíi ti Dìsẹ́ńbà, 12.3 ló jẹ́.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn nìyí, lórí àpò kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àpò kan wọlé ní kílò 100, omi inú ẹ̀ jẹ́ 14.2. Ó túmọ̀ sí pé kílò 14.2 nínú ẹ̀ jẹ́ omi, kílò 85.8 jẹ́ àgbàdo gidi, èyí tí oòrùn ò lè gbé lọ. Tó bá gbẹ dé 12.3, kílò 85.8 yẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí, àmọ́ ní báyìí òun ló ń jẹ́ 87.7 nínú ọgọ́rùn-ún àpò náà. Ẹ pín 85.8 sí 0.877, ẹ máa rí 97.8. Àpò yẹn ti fi kílò méjì ó lé díẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kankan fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ ló mú un.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé kì í ṣe 14.2 kúrò 12.3 ni, 1.9, kí la tún ń pín sí? Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bí a bá fi 1.9 ṣe é lórí gbogbo ẹrù wa, ó máa fún wa ní kílò 382. Òótọ́ ẹ̀ jẹ́ 435. Kílò 53 tó wà láàárín méjèèjì yẹn, bàbá ọlọ́dẹ náà ni ì bá tún jẹ gbèsè ẹ̀. Mo gbé e sínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì báyìí:

```
=B2*(100-C2)/(100-D2)
```

B2 ni kílò tó wọlé, C2 ni omi ọjọ́ tó wọlé, D2 ni omi tòní. Èsì ẹ̀ ni iye tó yẹ kí sikéèlì kà tí kò bá sí ohun tó jẹ ẹ́, tí ò sì sí èyí tó dànù. Tiwa fún wa ní 19,661. Sikéèlì ka 19,560. Ohun tó sọnù lóòótọ́ jẹ́ kílò 101, kì í ṣe 536.

Nínú 101 yẹn, mo ní kílò 38 nínú ìwé tó jẹ́ èyí tá a gbá nílẹ̀. Irin ìkọ́ táwọn alábàárù fi ń gbé àpò ló máa ń ya ihò sí i lára, gbogbo ìgbà tá a bá gbé àpò náà ló ń ṣẹ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó bàbá ti ń gbá àkọ́kọ́ ẹ̀ lọ fún adìẹ, mi ò bá wọn jà, mo kàn ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, kí n wọ̀n ọ́n tán kí ẹ tó fún adìẹ." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyókù, bíi kílò 63, mo pín in láàárín kòkòrò, èkúté àti sikéèlì fúnra ẹ̀, tó ń fi gíráàmù 100 sókè sódò lórí àpò kan, ẹ sọ ọ́ di 200, ó tó kílò 20.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ bàbá. Wọ́n ra ẹran fún wọn kí wọ́n tó padà sí Èkó.

Máàṣì sí Épírì

Kò sí nǹkan púpọ̀. Àpò 20 mi ò yí padà, omi wà ní 12.2, 12.3. Ní ìparí Épírì òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wá dáadáa. Mo rí kòkòrò bíi mélòó kan lára àpò 61, àwọn aláwọ̀ dúdú pupa kékeré tó ní ẹnu gígùn bíi ti erin. Mo pa wọ́n, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ẹ rántí ibí yìí.

18 Méè

Kòkòrò ti pọ̀. Tí èèyàn bá gbé etí sún mọ́ àpò lálẹ́ ó máa gbọ́ ìró wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rọra fọ́ bébà. Ohun tí mi ò rò ní Épírì ni pé èyí tí mo rí níta kì í ṣe gbogbo wọn. Abo kòkòrò yìí máa ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sára hóró, yóò yé ẹyin kan síbẹ̀, yóò sì fi oje kan tó ń sun jáde lára ẹ̀ dí ẹnu ihò náà. Inú hóró yẹn lọmọ ẹ̀ ti máa jẹun, ibẹ̀ ló ti máa dàgbà, bíi ọjọ́ márùndínlógójì nínú ooru tiwa, kó tó lu ihò jáde. Hóró tó mọ́ lójú lè ti ní ìdin nínú. Àwọn tí mo pa ní Épírì ti yé tiwọn tán.

A pe àwọn tó máa ń fi oògùn oníhóró sí i, èyí tó ń di gáàsì. Iṣẹ́ wọn ni, èmi ò fọwọ́ kàn án, gáàsì fọsifíìnì yẹn ń pààyàn, bàbá ọlọ́dẹ sun ilé ọmọ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n fi tapólì bo ìtò náà. Àmọ́ mo rí i pé òkúta ni wọ́n fi tẹ etí tapólì mọ́lẹ̀, òkúta kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, dípò àpò yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn yípo. Mo béèrè, wọ́n ní kò séwu. Nígbà tá a ṣí i, òkú kòkòrò kún ilẹ̀, inú wa dùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún dé. Gáàsì tó ń jò létí tapólì tó pa àwọn àgbà, torí àwọn ló rọrùn láti pa. Ẹyin àtàwọn tó ń sùn nínú hóró kí wọ́n tó di àgbà ló le, wọ́n nílò kí gáàsì wà níbẹ̀ púpọ̀, kó sì pẹ́. Tó bá ti jò jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n máa yè é. Oògùn yẹn kì í sì í dúró lára àgbàdo, ọjọ́ tá a bá ti ṣí tapólì, kòkòrò tó bá wọlé látìta ti lómìnira.

26 Júùnù, a wọ̀n ọ́n jáde

A jọ gbogbo àpò kó tó gun sikéèlì, torí ìyẹ̀fun tí kòkòrò ń lọ̀ máa ń wà nínú àpò, sikéèlì sì máa ń kà á bí àgbàdo. Ìyẹ̀fun tá a jọ̀ jáde jẹ́ kílò 118. Àgbàdo tó kù, kílò 19,270.

Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n pè mí kíá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Láti Fẹ́búárì, kílò 290 péré ló lọ, ìwọ náà ṣe dáadáa jàre!" Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì dúpẹ́. Mo gún àpò 30. Omi ti gòkè dé 13.6. Òjò ti ń rọ̀ láti oṣù méjì, àgbàdo ti ń mu omi afẹ́fẹ́ padà, gbogbo kílò tí kòkòrò ń jẹ, omi ń dí díẹ̀ nínú àyè ẹ̀.

Kílò 19,560 ti Fẹ́búárì, bó bá wà láìsí ohun tó jẹ ẹ́, sikéèlì ì bá ka 19,854 lóṣù Júùnù. Ó ka 19,270. Kílò 584 ló lọ, ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rò. Ẹ wò ó: oṣù Fẹ́búárì tí wọ́n fẹ́ lé bàbá lọ, kò sí ohun púpọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Oṣù Júùnù tí wọ́n ń yìn mí, ìgbà yẹn gan-an la ti ń padánù.

Láti Dìsẹ́ńbà dé Júùnù lápapọ̀, sikéèlì sọ pé kílò 826 ló dín. Nínú ẹ̀, kílò 140 jẹ́ omi lásán, láti 14.2 sí 13.6. Kílò 686 jẹ́ àgbàdo gidi. Ta ló jẹ ẹ́?

Mo gbá àgbàdo jọ látinú àpò mẹ́wàá kí a tó jọ̀ ọ́, mo pò ó, mo ka hóró 500 lórí tábìlì, ó gbà mí ní odidi ọ̀sán. Mo ya èyí tó ní ihò sọ́tọ̀, 70 ni. Èyí tó mọ́ jẹ́ 430, wọ́n wọn gíráàmù 111.8, ìyẹn 0.26 fún hóró kan. Àwọn 70 tó ní ihò wọn gíráàmù 14.7, 0.21 fún hóró kan. Bí gbogbo 500 bá mọ́ ni, wọn ì bá wọn gíráàmù 130, àmọ́ 126.5 la rí. Gíráàmù 3.5 nínú 130, pásẹ́ǹtì 2.7. Ẹ kíyè sí i pé hóró tó bàjẹ́ jẹ́ 14 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ìwọ̀n tó lọ ò tó 3. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka ihò, tí wọ́n á wá ní "ìdá mẹ́rìnlá ti lọ." Rárá o, kòkòrò kì í jẹ hóró tán.

Ìlànà yìí náà ní àléébù tiẹ̀. Kòkòrò máa ń fẹ́ràn hóró tó tóbi, nítorí náà èyí tó kù tó mọ́ lè jẹ́ kéékèèké, èyí á jẹ́ kí nọ́ńbà wa kéré sí òótọ́. Èyí tí ìdin ṣì wà nínú ẹ̀ tí kò tíì lu ihò, a ti kà á mọ́ èyí tó mọ́ náà.

2.7 lórí ẹrù wa jẹ́ nǹkan bíi kílò 538. Kílò 118 tó jẹ́ ìyẹ̀fun wà nínú ẹ̀, ìyókù ni wọ́n jẹ. Èyí tó dànù tá a gbá, 38 ti Fẹ́búárì àti 71 lẹ́yìn ẹ̀, jẹ́ 109. Àpapọ̀ ẹ̀ di 647. Ó ku bíi kílò 39 tí mi ò rí olówó ẹ̀. Èkúté wà níbẹ̀, àpò mẹ́sàn-án ni wọ́n gé nísàlẹ̀, mo rí ìgbẹ́ wọn. Àṣìṣe sikéèlì náà wà níbẹ̀. Mi ò pín in sí wẹ́wẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí irọ́ ni màá máa pa.

Àpò 117

Mo fi èyí sọ́tọ̀ torí òun ló dùn mí jù. Gbogbo àpò ló fúyẹ́ tó bí wọ́n ṣe wọlé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun nìkan ló wúwo sí i. Ó wọlé ní kílò 100.3, ó jáde ní 103.9. Alábàárù tó gbé e tiẹ̀ ní, "Ọ̀gá, èyí ló dáa jù nínú gbogbo wọn." Mo ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ó gbóná. Tí a tú u, ó ti bu, èébu aláwọ̀ ewé wà lára hóró, ó ń rùn bí ẹ̀kọ tó ti kan jù. Mo wo òkè, ihò ìṣó kan wà lára páànù lọ́ọ̀ókán rẹ̀, ìṣó ti wú, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ti gbẹ fọ́. Omi kán sórí àpò yẹn nìkan fún oṣù méjì.

Nínú ìwé mi, àpò yìí jèrè kílò 3.6. Nínú ọjà, òfo ni. A ò fún adìẹ, a ò pò ó mọ́ èyí tó dáa, torí èébu bẹ́ẹ̀ lè ní májèlé afilatósìnì nínú, sísè tàbí yíyan ò sì ní yọ ọ́ kúrò. A gbẹ́ ilẹ̀, a sin ín. Látìgbà yẹn, àpò tó bá wúwo sí i ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ni mo kọ́kọ́ ń tú.

Ti ọdún yìí

Mo ti pààrọ̀ ìṣó 40 lórí páànù. A kan igi sílẹ̀ kí àpò má kan kankéré mọ́, a fi àyè tí èèyàn lè gbà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí èkúté má rí ibi sá pa mọ́. Irin ìkọ́ ò wọ sítọ̀ mọ́, alábàárù tó bá mú un wá, ó máa fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ti kòkòrò, a ó gbé àpò 40 sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kòkòrò inú ẹ̀ máa mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. A máa kọ́kọ́ jẹ́ kí àgbàdo wọ̀nyẹn gbẹ dé 12 tàbí kó wà sísàlẹ̀ ẹ̀, torí omi inú àpò bẹ́ẹ̀ ò níbi gbà jáde. A ò lè ra ti 200 lẹ́ẹ̀kan náà, owó ẹ̀ ò sí.

Bàbá ọlọ́dẹ ló ń kọ ìwé báyìí. Wọn ò mọ Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ wọ́n mọ ìwé kọ, wọ́n ń kọ kílò sápá òsì, omi sápá ọ̀tún. Lánàá wọ́n pè mí pé àpò 20 ti oṣù yìí ti dín kílò 31, wọ́n ní, "Má dààmú, mo ti gún un, omi ni."